Orí Kẹfà: Aago, Fóltéèjì àti Agbára tí Pírósẹ́sọ̀ Ń Jẹ

Ní oṣù Kẹta ọdún 2003 ni ilé-iṣẹ́ Intel gbé pírósẹ́sọ̀ Pentium M jáde fún kọ̀ǹpútà alágbèéká. Èyí tó yára jù lára àwọn àkọ́kọ́ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ní orí yìí. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, aago rẹ̀ a máa lù ní 1600 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, fóltéèjì tó ń wọ inú rẹ̀ a sì jẹ́ fólìtì 1.484. Bí iṣẹ́ bá fúyẹ́, aago a sọ̀ kalẹ̀ sí 600, fóltéèjì náà a sì bá a sọ̀ kalẹ̀ sí 0.956. Intel kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé rẹ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà pèsè ìtutù tó tó wáàtì 24.5 fún ipò òkè, wáàtì 6 fún ipò ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 600 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ 1600. Bó bá ṣe pé aago nìkan ló ń darí agbára, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ 24.5 ló yẹ kó kù, ìyẹn wáàtì 9.2. Àmọ́ 6 ló kù. Ohun mìíràn ló gé wáàtì mẹ́ta yòókù kúrò, fóltéèjì sì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ronú yóò wá béèrè pé: bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò fi aago sílẹ̀ ní 1600, kí wọ́n kàn dín fóltéèjì kù? Ìdáhùn ìbéèrè yìí yóò gbà wá láyè, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí iná ń gbà lọ nínú géètì kan ṣoṣo.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú géètì kan

Géètì tó rọrùn jù ni ìnfátà. (Kì í ṣe èyí tí a ń so mọ́ bátìrì nílé nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, èyí tí à ń wí kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i.) Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ 0 di 1, kó sì sọ 1 di 0. Tiransísítọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ti òkè so ẹnu ìjáde géètì náà mọ́ orísun iná, ti ìsàlẹ̀ sì so ó mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà bá là nínú ti òkè, ti ìsàlẹ̀ a dí. Nígbà tí ti ìsàlẹ̀ bá là, ti òkè a dí. Nítorí náà, bí géètì náà bá dúró jẹ́ẹ́, kò yẹ kí iná rí ọ̀nà gbà láti orísun dé ilẹ̀. Ìgbà tó bá ń yí padà ló ń jẹun.

Kí ló ń jẹ? Wáyà tó jáde láti ara rẹ̀, àti ẹnu àwọn géètì tí wáyà náà lọ bá, máa ń gba iná pamọ́ bíi kapásítọ̀ kékeré. Ẹ jẹ́ ká pe ìwọ̀n iná tí wọ́n lè gbà fún fólìtì kọ̀ọ̀kan ní C. Kí ẹnu ìjáde tó kúrò ní 0 dé 1, ó gbọ́dọ̀ gba iná tí iye rẹ̀ jẹ́ C × V. Orísun ló fún un ní gbogbo rẹ̀, orísun náà kò sì kúrò ní fólìtì V títí tó fi fún un tán. Okun tí orísun ná jẹ́ C × V × V, ìyẹn CV².

Ṣùgbọ́n bí a bá wo inú kapásítọ̀ náà lẹ́yìn tó kún, ìdajì péré la ó bá níbẹ̀, ½CV². Ìdajì kejì ti di ooru nínú tiransísítọ̀ òkè, torí pé iná gba inú ìdènà rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ẹnu ìjáde bá tún padà sí 0, tiransísítọ̀ ìsàlẹ̀ a là, ìdajì tó wà nípamọ́ a ṣàn lọ sílẹ̀, òun náà a sì di ooru. Ní ìlọ àti àbọ̀ kan, gbogbo CV² ti di ooru tán.

Ibì kan wà níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ gbà gbọ́: ìdènà tiransísítọ̀ kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Bí tiransísítọ̀ bá fẹ̀ tó ṣe pé iná ń gba inú rẹ̀ wọ̀ọ̀, ìṣàn iná á pọ̀ ṣùgbọ́n kò ní pẹ́. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́, ìṣàn á kéré, á sì pẹ́. Ooru méjèèjì dọ́gba. Ìdènà ló ń pinnu àkókò tí ìyípadà gbà. C àti V ló ń pinnu iye okun tó ná. Ẹ di ìyàtọ̀ yìí mú ṣinṣin, torí orí rẹ̀ ni apá kejì orí yìí dúró lé.

Ibi tí aago ti wọlé

Aago kò fi ohunkóhun kún CV². Iye ìgbà tí a ná an ni aago ń sọ. Ẹni tó ń fi koròbá kan pọn omi láti inú kànga, ìyára kì í mú kí koròbá rẹ̀ tóbi; bó bá lọ ní ìgbà mẹ́wàá láàárín wákàtí kan, koròbá mẹ́wàá ló kúrò nínú kànga, bó bá lọ ní ogún ìgbà, ogún ni. Géètì tó ń lọ tó sì ń bọ̀ ní ìgbà f láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ń ná CV² ní ìgbà f. Okun tí a ná láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni à ń pè ní agbára, wáàtì la sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ḿbà sí i. Ká ní C ti géètì kan àti wáyà rẹ̀ jẹ́ fẹ́ńtófáráàdì 2, ìyẹn 2 × 10⁻¹⁵ fáráàdì, V sì jẹ́ fólìtì 1. Ìlọ àti àbọ̀ kan ná okun 2 × 10⁻¹⁵ júùlù. Bí aago bá ń lù ní 1000 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, tí géètì náà sì ń lọ tó ń bọ̀ ní gbogbo ìlù aago, agbára tó ń jẹ jẹ́ wáàtì méjì nínú mílíọ̀nù kan. Kò tó nǹkan. Àmọ́ bí géètì mílíọ̀nù mẹ́wàá bá wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, wáàtì 20 nìyẹn.

Kì í sábà ṣẹlẹ̀ pé gbogbo wọn yí padà ní ìlù kan náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú géètì máa ń wà bó ṣe wà láti ìlù kan dé èkejì, torí pé dátà tó kàn wọ́n kò yí padà. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìdá kan, a, sínú ìṣirò náà, láti sọ iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́:

```
P = a · C · V² · f
```

C dúró níbí fún àpapọ̀ gbogbo géètì àti wáyà inú ṣíìpù. Bí iye a bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, wáàtì 20 wa di 2. Wáyà aago fúnra rẹ̀ nìkan ni kò ní ìsinmi: ó ń lọ ó ń bọ̀ ní gbogbo ìlù, yálà iṣẹ́ wà tàbí kò sí. Ìyẹn ló mú kí àwọn tó ń ṣe ṣíìpù máa gé aago kúrò lọ́dọ̀ apá tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ wá fiyè sí ohun kan tí kò sí nínú okun iṣẹ́ kan. Ká ní ètò kan gba ìlù aago bílíọ̀nù mẹ́ta kó tó parí. Okun tó máa ná jẹ́ bílíọ̀nù mẹ́ta lọ́nà a·C·V². f kò sí níbẹ̀. Bí a bá dín aago kù sí ìdajì tí a fi fóltéèjì sílẹ̀ níbi tó wà, agbára á dín sí ìdajì lóòótọ́, kọ̀ǹpútà á tutù, fáànù á dákẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà á pẹ́ ní ìlọ́po méjì. Bátìrì kò jèrè ohunkóhun lórí géètì. Ó tilẹ̀ lè pàdánù, torí ojú kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tó ń jẹ iná ní láti wà ní títàn fún àkókò tó gùn sí i. Àwọn tó ń sọ pé dídín aago kù nìkan ń mú bátìrì pẹ́ ti da agbára pọ̀ mọ́ okun. V² ni èrè wà.

Pentium M lẹ́ẹ̀kan sí i

Láti 1.484 sí 0.956, fóltéèjì kù sí 0.644 iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí a bá fi 0.644 lọ́po ara rẹ̀, 0.415 la ó rí. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ kan náà ń ná ìdá mọ́kànlélógójì ó lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún okun tó ń ná tẹ́lẹ̀. Ti aago jẹ́ 0.375. Àpapọ̀ wọn, 0.415 × 0.375, jẹ́ 0.156, 24.5 lọ́nà 0.156 sì jẹ́ wáàtì 3.8.

Ìwé Intel ní 6. A ti kọ́kọ́ ń béèrè ìdí tí nọ́ḿbà náà fi kéré ju 9.2 lọ, ó wá di pé a ń béèrè ìdí tó fi ju 3.8 lọ. Ẹ jẹ́ kí èyí dúró díẹ̀ ná.

Ìdí tí fóltéèjì kékeré fi ń fa géètì sẹ́yìn

Àkókò tí géètì gbà láti yí padà jẹ́ iye iná tó fẹ́ gbé, tí a fi iye tó ń ṣàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan pín: t = CV / I. Bí V bá dínkù, iná tó fẹ́ gbé dínkù pẹ̀lú. Ẹni tó bá dúró síbí lè rò pé géètì á yára sí i. Àmọ́ I náà ń dínkù, ó sì ń dínkù kíákíá ju V lọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà inú tiransísítọ̀ kì í là bí fóltéèjì kò bá tíì dé ìwọ̀n kan. Ìwọ̀n yẹn là ń pè ní fóltéèjì ìloro, Vt. Kìkì ohun tó bá lé lórí Vt ló ń fa iná kọjá. Bí V bá jẹ́ 1.2 tí Vt sì jẹ́ 0.35, 0.85 ló ń ṣiṣẹ́. Bí V bá sọ̀ kalẹ̀ sí 0.6, ìyẹn ìdajì, ohun tó ń ṣiṣẹ́ di 0.25, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Vt kò bá V sọ̀ kalẹ̀.

Nínú àwọn tiransísítọ̀ àtijọ́ tó gùn, ìṣàn iná ń tẹ̀lé V − Vt lọ́nà ara rẹ̀. Nínú àwọn tó kúrú, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á sáré débi tí kò lè sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣàn náà kò sì tún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1990, Takayasu Sakurai àti Richard Newton dábàá ìṣirò kan tó rọrùn tó sì bá ohun tí wọ́n ń wọ̀n mu:

```
I = k · (V − Vt)^n
t = C · V / (k · (V − Vt)^n)
```

n wà láàárín 1 àti 2; fún tiransísítọ̀ kúkurú, 1.3 kò jìnnà sí òtítọ́. A ó lò ó pẹ̀lú Vt = 0.35. Ká pe àkókò ìfalẹ̀ géètì ní fólìtì 1.2 ní ẹyọ kan. Ní 0.9, ó di 1.32. Ní 0.6, ó di 2.45. Ní 0.5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di 4.

Ẹ wo bí owó tí à ń san ṣe ń wọ́n sí i. Láti 1.2 sí 0.9, okun kù sí 56 nínú ọgọ́rùn-ún, géètì sì lọ́ra sí i ní ìdá mẹ́tàlélọ́gbọ̀n péré tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ọjà gidi nìyẹn. Láti 0.6 sí 0.5, a dín fólìtì 0.1 kù péré, ṣùgbọ́n géètì tún lọ́ra sí i ní ìdá méjìlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Bí V ṣe ń sún mọ́ Vt ni ìfalẹ̀ ń gùn lọ bí òkè tí kò lópin, ìṣirò wa náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé.

Nígbà tí géètì kò bá dé lásìkò

Géètì tó lọ́ra kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí aago kò bá dúró dè é. Láàárín ìlù aago méjì, àmì kan ní láti jáde láti inú fílípù-fílọ́ọ̀pù kan, kó gba inú ọ̀wọ́ géètì kọjá, kó sì dé inú fílípù-fílọ́ọ̀pù tó kàn, níbi tí wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀.

Ká gbé ọ̀nà kan yẹ̀ wò. Aago ń lù ní 1000 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, nítorí náà 1000 píkósẹ́kọ́ǹdì ló wà láàárín ìlù méjì. Géètì 20 wà lójú ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 40, ìyẹn 800. Fílípù-fílọ́ọ̀pù gba 80 tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 880 ní fólìtì 1.2, 120 ló ṣẹ́ kù. Bí a bá sọ fóltéèjì kalẹ̀ sí 0.9 láìfọwọ́ kan aago, 880 lọ́nà 1.32 di 1162. Aago ti lù kí àmì tó dé. Fílípù-fílọ́ọ̀pù kò mọ̀ pé àmì ṣì ń bọ̀ lọ́nà; ohun tó bá lẹ́nu rẹ̀ ló máa gbà sílẹ̀, ìyẹn sì lè jẹ́ ti àtijọ́. Kí 0.9 tó lè ṣiṣẹ́, aago gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ sí 860 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyẹn.

Èyí náà ló ṣàlàyé ètò tí ṣíìpù ń tẹ̀ lé nígbà tó bá ń pààrọ̀ ipò. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, aago ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dínkù, kí fóltéèjì tó tẹ̀ lé e. Bó bá ń gòkè, fóltéèjì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè, kó sì dúró dáadáa, kí aago tó yára. Ẹni tó bá yí ètò yìí padà yóò fi géètì tó lọ́ra sábẹ́ aago tó yára, ó kéré tán fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, ìlù kan ṣoṣo sì tó láti ba ìṣirò jẹ́.

Àwọn kan á ti rí i pé 120 píkósẹ́kọ́ǹdì tó ṣẹ́ kù yẹn jẹ́ ohun tí a lè ná. Òótọ́ ni. Bí a bá sọ fóltéèjì kalẹ̀ sí 1.05, ìfalẹ̀ di 1.126, ọ̀nà wa gba 991 píkósẹ́kọ́ǹdì, aago kò yí padà, okun sì kù sí 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ara wọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ṣíìpù kò fi àyè yẹn sílẹ̀ lásán. Bí géètì púpọ̀ bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, fóltéèjì inú ṣíìpù a rẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú bín-ín-tín. Tiransísítọ̀ ń gbó. Ṣíìpù méjì láti inú àwo sílíkọ́ọ̀nù kan náà kò sì ní ìyára kan náà. Píkósẹ́kọ́ǹdì mẹ́sàn-án kò lè gba gbogbo ìwọ̀nyí mọ́ra.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé àṣìṣe tí à ń rí ti ibí yìí wá? Àmì rẹ̀ ni pé kò dúró lójú kan: kọ̀ǹpútà dákú lónìí níbi kan, lọ́la níbòmíràn, tàbí kí ìṣirò jáde pẹ̀lú ìdáhùn tí kò tọ́ láìsí ìkìlọ̀ kankan. Èyí kejì ló burú jù lójú tèmi. Ẹ lo ètò tó ń ṣe ìṣirò tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀, bíi Prime95, kí ẹ fi fóltéèjì sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ sì dín aago kù. Bí àṣìṣe bá pòórá, ọ̀nà kan ló ń pẹ́ jù. Bí kò bá pòórá, ẹ wá ìdí rẹ̀ síbòmíràn: ó lè jẹ́ ọ̀nà kan tó kúrú jù, tí àmì tuntun ń tipa rẹ̀ dé kí wọ́n tó gba ti àtijọ́ sílẹ̀ tán, dídín aago kù kò sì lè wo ìyẹn sàn.

Iná tí ń jò

Ó ku wáàtì méjì tó lé díẹ̀ tí a kò tíì rí ìdí rẹ̀. A sọ lókè pé kò yẹ kí iná rí ọ̀nà gbà nígbà tí géètì bá dúró jẹ́ẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé tiransísítọ̀ tó dí kì í dí tán. Iná díẹ̀ ń jò gba inú rẹ̀, yálà aago ń lù tàbí kò lù, ìṣirò P wa kò sì ní in nínú.

Ẹ jẹ́ ká fojú bù ú. Ká ní nínú 24.5, wáàtì 20 jẹ́ ti ìyípadà, 4.5 jẹ́ ti ìjò. Ní ipò ìsàlẹ̀, 20 lọ́nà 0.156 di 3.1. Ìjò kò mọ̀ nípa aago. Ká sọ pé ó kàn bá fóltéèjì dínkù, 4.5 lọ́nà 0.644, ó di 2.9. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 6. Kò yẹ ká gbára lé pínpín yìí jù, torí pé wáàtì tí Intel kọ jẹ́ ti ìpèsè ìtutù, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ wọ̀n. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìjò kékeré ní òkè lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì gbogbo rẹ̀ ní ìsàlẹ̀.

Ìjò yìí náà ni kò jẹ́ ká lè sọ Vt kalẹ̀ tẹ̀ lé V, èyí tí ì bá mú kí géètì yára ní fóltéèjì kékeré. Ní ìwọ̀n ooru inú yàrá, kó tó lè jẹ́ pé ìjò dínkù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, Vt gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán fólìtì 0.06 ga sí i. Nínú tiransísítọ̀ gidi, ó sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wá fi fólìtì 0.1 rẹ Vt sílẹ̀ yóò sọ ìjò di bí ìlọ́po mẹ́wàá. Robert Dennard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM ti ṣàlàyé ní 1974 pé bí tiransísítọ̀ bá ń kéré tí fóltéèjì sì ń bá a kéré, ooru orí ṣíìpù kò ní pọ̀ sí i. Fún bí ọgbọ̀n ọdún, ó rí bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Nígbà tí Vt kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ mọ́, V dúró sí agbègbè fólìtì kan, f nìkan ló kù láti gòkè, ooru sì tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, Intel pa Pentium 4 tó yẹ kó lù ní 4000 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì tì, ó sì kọjú sí fífi pírósẹ́sọ̀ ju ẹyọ kan lọ sínú ṣíìpù kan.

Ìdánrawò

1. Ní 1000 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, fóltéèjì Pentium M tí a lò yìí jẹ́ 1.164. Ẹ lo pínpín 20 àti 4.5 láti fojú bu agbára rẹ̀ níbẹ̀. Ètò kan gba ìlù aago bílíọ̀nù mẹ́ta: okun mélòó ló ná ní 1600, ní 1000 àti ní 600?

2. Ẹ lo Vt = 0.35 àti n = 1.3. Ọ̀nà tí a ṣírò lókè gba 880 píkósẹ́kọ́ǹdì ní fólìtì 1.2. Aago wo ló yára jù tó lè gbà ní fólìtì 0.6? Bí ooru bá mú kí gbogbo géètì lọ́ra sí i ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ṣé fólìtì 1.05 ṣì lè gbé 1000 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì?

3. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, ẹ tẹ àṣẹ yìí nígbà tí ẹ kò ṣe ohunkóhun, kí ẹ sì tún un tẹ̀ nígbà tí ètò ńlá kan ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kìlóhẹ́ẹ̀tìsì ni nọ́ḿbà tó máa fún yín. Bí ó bá yí padà, èwo nínú aago àti fóltéèjì ni ẹ rò pé ó kọ́kọ́ yí padà, kí sì nìdí?

```
cat /sys/devices/system/cpu/cpu0/cpufreq/scaling_cur_freq
```